Láìkì 2,050, àpò 31: bí a ṣe ń mọ ohun tí ínfúlúẹ́ńsà mú wálé

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta pòǹdó ní Adó-Èkìtì. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Ọjà Ọba, àmọ́ orí Wáàsáàpù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ ti ń ra ọjà. Ó fẹ́ kí ínfúlúẹ́ńsà méjì bá òun polówó lórí Ínsítágíráàmù. Èkíní jẹ́ aláwàdà tó ń ṣe síkíìtì, ọmọlẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ 60,000, ó sì gba ₦90,000. Èkejì jẹ́ obìnrin ará Ìkẹ́rẹ́ tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè, tó ń fi ohùn Èkìtì gidi sọ̀rọ̀. Ọmọlẹ́yìn tirẹ̀ jẹ́ 7,000, ₦20,000 ló sì gbà. Olúkúlùkù wọn tún gba àpò pòǹdó méjì láti fi ṣe fídíò. Àpẹẹrẹ ni obìnrin yìí àti gbogbo iye tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó máa gbà ṣírò rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tó bá ń ta irú ọjà yìí gbọ́dọ̀ gbà.

Kí fídíò kankan tó jáde ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Àpò pòǹdó kan jẹ́ ₦6,000, ₦4,000 ló ná an láti ṣe é, èrè orí rẹ̀ jẹ́ ₦2,000. Ẹni tó bá lo kóòdù ẹ̀dínwó, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ínfúlúẹ́ńsà máa pè nínú fídíò, máa san ₦500 dín, èrè á wá di ₦1,500. Tí a bá fi owó àpò méjì kún owó iṣẹ́, aláwàdà náà ₦98,000, obìnrin Ìkẹ́rẹ́ ₦28,000. Ẹ fi ₦1,500 pín in: aláwàdà gbọ́dọ̀ ta àpò 66 kí owó rẹ̀ tó padà wálé, obìnrin Ìkẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ ta 19. Ó yẹ kí nọ́ńbà méjèèjì yìí wà lórí ìwé kí wọ́n tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Tí wọn kò bá sí níbẹ̀, ohunkóhun tí fídíò bá mú wá ló máa dà bíi pé ó dára.

Lẹ́yìn náà ni kóòdù. Ti olúkúlùkù gbọ́dọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgbọọgba. Tí ti ẹnì kan bá jẹ́ ₦500 tí ti ẹnì kejì jẹ́ ₦1,000, ẹ̀dínwó ni à ń wọ̀n, kì í ṣe ẹni tó polówó. Kóòdù tó dára rọrùn láti fi ẹnu pè, kò sì da lẹ́tà àti nọ́ńbà rú mọ́ra: SKIT500 àti IKERE500 yóò ṣiṣẹ́. Ó tún gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí yóò parí. Ọjọ́ 14 tó fún fídíò kan.

Líǹkì ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì máa ń so àmì mọ́ ìdí líǹkì kí Google Analytics lè mọ ibi tí àlejò ti wá. Ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré, torí instagram àti Instagram kì í ṣe ibì kan náà lójú ẹ̀rọ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tajà lórí Wáàsáàpù pọ̀ ní Èkìtì ju àwọn tó ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì lọ. Líǹkì tó máa bá ìyẹn mu ni èyí tó ń ṣí Wáàsáàpù, tó sì ti kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún oníbàárà:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=IKERE500%20Mo%20fe%20ra%20pondo
```

Nọ́ńbà fóònù olùtajà, láìsí òdo tó ṣáájú rẹ̀, ló máa rọ́pò àwọn X. Nígbà tí ẹnì kan bá tẹ líǹkì náà, ọ̀rọ̀ náà á ti wà nínú àpótí tí a ń kọ̀wé sí, kò ní ṣe ju kó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Olùtajà á rí IKERE500 lórí ọ̀rọ̀ tó wọlé, á sì lẹ léébẹ̀lì mọ́ ẹni náà lórí Wáàsáàpù Bísínẹ̀ẹ̀sì. Líǹkì yìí fúnra rẹ̀ kì í ka iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Tí a bá fẹ́ mọ ìyẹn, a ní láti fi irinṣẹ́ bíi Bitly sọ ọ́ di kúkúrú, kí olúkúlùkù ínfúlúẹ́ńsà ní tirẹ̀. Iye tí Bitly bá sì kà kì í ṣe iye ènìyàn. Ẹnì kan lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ tó ń yẹ líǹkì wò náà sì lè wà nínú rẹ̀.

Fídíò méjèèjì jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì síra wọn. Àwọn ìwọ̀n tó kọ́kọ́ hàn ni láìkì àti kọ́mẹ́ńtì, ibẹ̀ sì ni ojú ti máa ń ṣì jù. Ìwọ̀n ìdásí ni ìpín àwọn tó ṣe nǹkan kan sí fídíò, yàtọ̀ sí pé wọ́n wò ó kọjá:

```
(láìkì + kọ́mẹ́ńtì + ìfiránṣẹ́ + ìfipamọ́) ÷ iye ènìyàn tó rí i × 100
```

Àwọn kan máa ń fi iye ọmọlẹ́yìn pín in. Ìyẹn náà wúlò, bí a bá ti lo ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Àmọ́ Ínsítágíráàmù máa ń gbé fídíò kúkúrú lọ síwájú àwọn tí kì í ṣe ọmọlẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ọmọlẹ́yìn kò sì ní rí i rárá, nítorí náà iye ẹni tó rí i ló sún mọ́ òtítọ́ jù. Ènìyàn 41,000 rí fídíò aláwàdà: láìkì 2,050, kọ́mẹ́ńtì 130, ìfiránṣẹ́ 40, ìfipamọ́ 20. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,240, ìwọ̀n ìdásí 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ènìyàn 5,000 péré ló rí ti obìnrin Ìkẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n 550 ló dá sí i, ìyẹn 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó wà nínú 550 yẹn tún ṣe pàtàkì ju àpapọ̀ rẹ̀ lọ: 70 fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, 106 fi pa mọ́. Ẹni tó rẹ́rìn-ín máa ń fún ni ní láìkì. Ẹni tó fẹ́ se oúnjẹ ló ń fi fídíò pa mọ́.

Inú àwọn kọ́mẹ́ńtì náà la ti ń dá ayédèrú mọ̀. Tí kọ́mẹ́ńtì bá kún fún ọ̀rọ̀ ẹyọ kan àti àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè iye tó jẹ́ tàbí ibi tó wà, tí láìkì gbogbo fídíò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ra á. Ohun mìíràn tó yẹ kí a béèrè kí a tó sanwó ni ìlú tí àwọn ọmọlẹ́yìn wà, torí Ínsítágíráàmù máa ń fi han ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́. Kí ó ṣí i lójú wa, tàbí kí ó gba ojú fóònù rẹ̀ sílẹ̀ bíi fídíò. Àwòrán lásán rọrùn láti tún ṣe. Tí ọ̀pọ̀ wọn bá wà ní Èkó, owó ọkọ̀ tó máa gbé àpò pòǹdó kan láti Adó lè lé ènìyàn padà.

Lórí líǹkì, Bitly ka 380 fún aláwàdà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 95 ló wọlé. Ti obìnrin Ìkẹ́rẹ́ jẹ́ 140, ọ̀rọ̀ 70 ló sì wọlé. Níbi tí ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin ti sá lọ́nà kan, tí ìdajì péré sì sá lọ́nà kejì, a ti mọ ẹni tó ń mú olùrà wá àti ẹni tó ń mú àwọn tó kàn fẹ́ wo ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tí kóòdù parí, SKIT500 ta àpò 31, IKERE500 ta 38.

Ọ̀pọ̀ olùtajà á dúró síbẹ̀, wọ́n á sọ pé aláwàdà jẹ wọ́n lówó. Síbẹ̀ kóòdù náà máa ń ṣini lọ́nà, àti sí òkè àti sí ìsàlẹ̀. Ó máa ń ṣàfikún nígbà tí oníbàárà àtijọ́ bá gbọ́ kóòdù tó sì lò ó láti fi ra ohun tó ti fẹ́ rà tẹ́lẹ̀. Fóònù ló máa fi èyí hàn: ẹni tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ̀ bá wà lórí Wáàsáàpù kì í ṣe tuntun. Mẹ́rin nínú 31 jẹ́ àtijọ́, mẹ́sàn-án nínú 38 náà jẹ́ àtijọ́. Àwọn yẹn kò mú èrè tuntun wá, ₦500 kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbà lọ. Tí àtijọ́ bá pọ̀ ju tuntun lọ lójijì, kóòdù ti bọ́ sínú gúrúùpù kan, ó sì yẹ kí a pa á kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Kóòdù tún máa ń fi iṣẹ́ ínfúlúẹ́ńsà hàn kéré ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kò sí ìpolówó, obìnrin yìí máa ń ta àpò 60. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí, ó ta 148, ìyẹn 88 ju ti tẹ́lẹ̀. Kóòdù ṣàlàyé ẹni tuntun 56 péré. Níbo ni 32 yòókù ti wá? Ó ti ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù pé, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa?”, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ogún sọ pé àwọn rí síkíìtì kan, wọn kò tilẹ̀ rántí kóòdù. Márùn-ún dárúkọ obìnrin Ìkẹ́rẹ́. Méje kò lè sọ.

Ẹ wá tún un ṣírò. Aláwàdà mú ẹni tuntun 27 wá pẹ̀lú kóòdù, èrè ₦40,500, àti ogún láìsí kóòdù, èrè ₦40,000. Ẹ yọ ₦2,000 tí àwọn àtijọ́ gbà àti ₦98,000: ó jẹ gbèsè ₦19,500. Obìnrin Ìkẹ́rẹ́ mú 29 wá pẹ̀lú kóòdù, èrè ₦43,500, àti márùn-ún láìsí rẹ̀, ₦10,000. Ẹ yọ ₦4,500 àti ₦28,000: ó jèrè ₦21,000. Tí a bá tẹ̀ lé kóòdù nìkan, a ó sọ pé aláwàdà jẹ gbèsè ₦51,500, ìyẹn sì ju òtítọ́ lọ dáadáa.

Ìṣirò yìí dúró lórí àpò 60 yẹn, nítorí náà oṣù tí a fi ń wé e gbọ́dọ̀ jọ oṣù ìpolówó. Ní Èkìtì, nígbà tí iṣu tuntun bá dé, ọ̀pọ̀ ilé á gbé odó síta, ọjà pòǹdó á sì rọlẹ̀ láìjẹ́ pé ínfúlúẹ́ńsà kankan ṣẹ̀. Oṣù Kejìlá náà kò jọ oṣù kankan. Ìparí oṣù, nígbà tí owó oṣù bá ti wọlé, kò sì jọ àárín oṣù. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko fi dára ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó padà sí léébẹ̀lì rẹ̀. Mẹ́ta nínú 27 tí aláwàdà mú wá tún ra pòǹdó ní iye gidi, 11 nínú 29 ti obìnrin Ìkẹ́rẹ́ náà tún rà. Ó bá obìnrin Ìkẹ́rẹ́ ṣe àdéhùn mìíràn ní iye kan náà. Fún aláwàdà, ó dá ₦30,000 lé, àti àpò méjì bíi ti tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ₦500 lórí ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan tó bá lo kóòdù rẹ̀, tí nọ́ńbà fóònù onítọ̀hún kò sí lórí Wáàsáàpù olùtajà tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú iye ọjà tó tà lákọ̀ọ́kọ́, ìyẹn ìbá fi ₦27,000 sílẹ̀ fún olùtajà dípò gbèsè.