Oṣù mélòó ni owó tí a fi wá oníbàárà yóò fi padà?

Ó ń ná wa ní 240 kí oníbàárà kan tó wọlé, ó sì ń san 20 lóṣooṣù. Èmi ní oṣù 12 lowó wa pé. Oníṣirò owó wa ní oṣù 20 ni. Níbo ló ti rí oṣù 8 yẹn?

Inú 20 tí oníbàárà ń san lóṣooṣù gan-an ló ti rí i. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dúró sọ́wọ́ yín. Mi ò rí ìwé ìṣirò yín, ṣùgbọ́n bó bá ti pè é ní oṣù 20, á jẹ́ pé 12 ló rí pé ó ń ṣẹ́ kù lóṣù, torí 240 tí a bá pín sí 12 ló ń jẹ́ 20. Nǹkan kan ń jẹ 8 tó kù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀rọ tí iṣẹ́ yín ń gbé lórí rẹ̀ gba 3, àwọn tó ń bá yín yọ owó nínú káàdì oníbàárà gba 1, àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn nígbà tí nǹkan bá dàrú sì gba 4. Ohun tó kù lẹ́yìn èyí, ìyẹn ìdá 60 nínú 100, ni èrè orí owó tí oníbàárà ń san lóṣù. Òun nìkan ló lè san 240 yẹn padà.

Ẹ wo ìparí oṣù 12 tí ẹ rò pé owó ti pé. Lóòótọ́ oníbàárà ti san 240, ṣùgbọ́n 96 nínú rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. 144 ló délé. Ẹ ṣì ń wá 96, ẹ sì ti ń ṣe àríyá.

Ẹni tó ń bójú tó ìpolówó wa ní ká yọ owó oṣù àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn kúrò níbẹ̀, ká kà á mọ́ ìnáwó ọ́fíìsì. Ó ní oṣù 15 ló máa jẹ́. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Oṣù 15 lóòótọ́, nítorí ohun tó kù á di 16. Àmọ́ owó náà ò kúrò nílé, ẹ kàn gbé e láti iyàrá kan sí èkejì ni. Ìbéèrè kan ni mo fi ń dán irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ wò: bí oníbàárà bá di ìlọ́po méjì, ṣé ìnáwó yìí máa pọ̀ sí i pẹ̀lú wọn? Ẹni tó ń gbé fóònù máa pọ̀ sí i, nítorí náà ara ìnáwó orí oníbàárà ni. Owó ilé tí ọ̀gá ń jókòó sí ò ní pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Òun lẹ lè gbé lọ sí ọ̀dọ̀ ọ́fíìsì.

Ẹ tún yẹ 240 yẹn wò. Mo ti rí ibi tí wọ́n ka owó ìpolówó nìkan, tí wọ́n gbàgbé owó oṣù àwọn tó ń ta ọjà náà. Mo sì ti rí ibi tí wọ́n pín owó ìpolówó sórí gbogbo ẹni tó wọlé, títí kan àwọn tí ọ̀rẹ́ wọn ló júwe yín fún wọn, tí wọn ò rí ìpolówó kankan. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí iye orí ẹnì kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni pé ó kéré. Bí ẹ bá wá fi owó kún ìpolówó, àwọn tí ìpolówó mú wá nìkan ló máa pọ̀ sí i, owó wọn sì wọ́n ju ohun tí ìwé sọ lọ.

Àwọn kan máa ń fi wá sílẹ̀ kí oṣù 20 tó pé. Ṣé ìyẹn wà nínú ìṣirò oníṣirò wa?

Kò sí níbẹ̀ o, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Oṣù 20 yẹn rò pé ẹni tó wọlé lónìí máa jókòó títí owó á fi pé. Ká sọ pé ìdá 4 nínú 100 ló ń lọ lóṣooṣù. Èèyàn 100 wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kejì, 96 ló san owó. Tó bá fi máa di oṣù 20, nǹkan bí 46 ló ṣẹ́ kù tó ń san. Owó tí ẹ ná lórí àwọn tó ti lọ ò bá wọn lọ. Orí àwọn tó kù ló já sí.

Ẹ tẹ èyí sínú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà:

```
=LN(1-240*0.04/12)/LN(1-0.04)
```

240 ni owó tí ẹ fi wá oníbàárà, 12 ni ohun tó ń kù lóṣù, 0.04 ni ìdá àwọn tó ń lọ. Ohun tó máa gbé jáde jẹ́ 39.4, ìyẹn ni pé inú oṣù 40 lowó tó pé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí oníṣirò yín sọ, òun náà sì ti le ju tiyín lọ.

Ẹ wá fi 0.05 rọ́pò 0.04 níbi méjèèjì. `#NUM!` ló máa hàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé mo ṣi nǹkan tẹ̀ ni, mo tún un tẹ̀ nígbà mẹ́ta. Kì í ṣe àṣìtẹ̀. Bí ìdá 5 bá ń lọ lóṣù, gbogbo ohun tí oníbàárà kan lè mú wá títí ayé, ní ìdọ́gba, jẹ́ 12 tí a pín sí 0.05, ìyẹn 240. Iye tí ẹ fi wá a gẹ́lẹ́ ni. Owó náà á máa sún mọ́ ọn, kò ní débẹ̀ láéláé.

Ṣé ká fi kún owó tí oníbàárà ń san lóṣù ni, àbí ká dín owó tí a fi ń wá èèyàn kù?

Bí ẹ bá gbé 20 dé 22, tí ìnáwó dúró sí 8, ohun tó kù á di 14. Ìdá 10 lẹ fi kún owó oṣù, àmọ́ èrè orí rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 17 lé sí i, nítorí ìnáwó ò bá a gòkè. Owó á pé ní oṣù 29 dípò 40. Bó bá jẹ́ pé owó ìwá-oníbàárà lẹ fi ìdá 10 dín kù, tó wá sí 216, oṣù 32 ni. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ owó oṣù ni mo máa kọ́kọ́ wò, bí àwọn oníbàárà yín bá lè gbà á.

“Bí” yẹn wúwo. Bí ìfikún náà bá lé èèyàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń lọ fi kúrò ní ìdá 4 dé 5, oṣù 38 lowó tó máa pé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba owó tuntun náà lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé nìkan.

Ìṣirò yìí sì ní ibi tó kù sí. Ó rò pé ìdá kan náà ló ń lọ lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń lọ sábà máa ń pọ̀ ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, kó tó rọlẹ̀. Ẹ mú gbogbo àwọn tó wọlé nínú oṣù kan ṣoṣo lọ́dún tó kọjá, ẹ ro èrè tó kù lórí ohun tí wọ́n ti san gan-an pọ̀, kí ẹ fi wé ohun tí ẹ ná lórí gbogbo wọn, àtẹni tó lọ àtẹni tó kù. Bí èyí bá ta ko ohun tí ìwé ìṣirò sọ, èyí ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ìwé ìṣirò.