Kí ló dé tí àmì j ti ẹrù fi gbọ́dọ̀ tako ti orísun?

Ìbéèrè: Olùkọ́ wa ní kí ẹrù bá orísun mu, kí agbára tí yóò wọ inú rẹ̀ lè pọ̀ jù lọ. Orísun tí mo ń ṣírò jẹ́ fóltì 10 (rms), ìdènà inú rẹ̀ sì jẹ́ 30 + j40 óòmù. Mo fi 30 + j40 ṣe ẹrù, wáàtì 0.3 péré ni mo rí. Ìwé ní 0.83 ni. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ìdáhùn: Ìṣirò yín tọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà “bá mu” ni ó ṣì yín lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí a pe fóltì orísun ní V, ìdènà inú rẹ̀ ní Rs + jXs, àti ìdènà ẹrù ní R + jX. Ẹ wo ìpíndọ́gba agbára tí ẹrù ń gbà nígbà tí ìgbì ti fìdí múlẹ̀:

```
P = V²·R / ((Rs + R)² + (Xs + X)²)
```

X kò sí lókè rárá, ìsàlẹ̀ nìkan ni ó wà, nítorí náà kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó dín agbára kù. Ohun tí ó dára jù ni kí Xs + X di òdo, èyí sì ṣeé ṣe nítorí pé X lè jẹ́ òdì. Nínú orísun yín, j40 dà bí kọ́ìlì tí ó ń gba agbára pamọ́ fún ìdá mẹ́rin ìyípo ìgbì, tí ó sì ń dá a padà ní ìdá mẹ́rin tí ó tẹ̀ lé e. Kápásítọ̀ tí ó jẹ́ −j40 ń gbà nígbà tí kọ́ìlì ń dá padà, àwọn méjèèjì sì ń ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn, débi pé iná tí ń ṣàn kò rí ìdènà kankan lára wọn. Ẹrù tí ẹ lò fi kọ́ìlì kejì kún ti àkọ́kọ́ ni, ó sì sọ j40 di j80.

R yàtọ̀, nítorí pé ó wà lókè àti nísàlẹ̀, kò sì lè jẹ́ òdì. Tí X bá ti pa Xs rẹ́, R tí ó bá Rs dọ́gba ni ó ń fún wa ní agbára tí ó pọ̀ jù. Ẹrù tí ẹ ń wá nìyẹn, 30 − j40, tí a ń pè ní kọ́njúgéètì ìdènà orísun. Iná tí ń ṣàn yóò jẹ́ 10/60 ámpìà, agbára ẹrù yóò sì jẹ́ V²/(4·Rs), èyí tí í ṣe 100/120, ìyẹn wáàtì 0.83.

Ohun kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà ṣàkíyèsí: àṣìṣe lórí R kì í náni ní ohun púpọ̀. Tí X bá ti wà ní −40, R tí ó jẹ́ 20 tàbí 45 yóò fún yín ní wáàtì 0.8. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi R sí 30, tí ẹ wá gbàgbé kápásítọ̀, 0.58 ni ẹ ó rí.

Ìbéèrè: Tí n kò bá lè fi kápásítọ̀ síbẹ̀, tí ẹrù mi jẹ́ rẹ̀sísítọ̀ nìkan, ṣé 30 náà ni kí n lò?

Ìdáhùn: Rárá, 50 ni. Níwọ̀n bí j40 kò ti ní kúrò, R tí ó dára jù ni èyí tí ó bá gígùn gbogbo ìdènà orísun dọ́gba, ìyẹn √(30² + 40²). Yóò mú wáàtì 0.625 wá. Kò tó ti kọ́njúgéètì, ṣùgbọ́n ó ju ti 30 lọ.

Ìbéèrè: Ṣé ìbámu yìí wà bẹ́ẹ̀ títí?

Ìdáhùn: Ìwọ̀n ìgbì kan ṣoṣo ni ó wà fún. Tí ìgbì bá jẹ́ mẹgahẹ́ẹ̀sì 1, kápásítọ̀ nanofárádì 4 ni ó ń fúnni ní −j40. Tí ìgbì bá di mẹgahẹ́ẹ̀sì 2, j40 kọ́ìlì yóò di j80, kápásítọ̀ yóò di −j20, j60 yóò ṣẹ́kù, agbára yóò sì já sí ìdajì, wáàtì 0.42.

Ẹ má sì gbàgbé pé nígbà tí ìbámu pé pérépéré, 0.83 mìíràn ń jó gẹ́gẹ́ bí ooru nínú orísun. Àmì tí kò lágbára láti ara ẹ́ríàlì lè gba irú èyí, ṣùgbọ́n àwọn tí ń pín iná mànàmáná fún ìlú kò jẹ́ fi ìdajì agbára wọn gbóná sínú ẹ̀rọ. Òfin yìí wà fún orísun tí a kò lè yí padà. Bí ó bá jẹ́ Rs ni ẹ lè yàn, ẹ dín in kù bí ó ti lè ṣeé ṣe tó.

Bí ìdáhùn yín bá sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti ìwé gẹ́lẹ́, tí ìgbì kò yí padà, ẹ wò ó bóyá fóltì 10 tí ìwé fún yín jẹ́ góńgó ìgbì, kì í ṣe rms. Nígbà náà, V²/(8·Rs) ni ẹ ó lò.