Ilẹ̀ kan náà, èsì tiráyásíà méjì: èwo ni kí n fi gbẹ́ òkè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Oníbàárà mi kan ní Iléṣà fẹ́ kí n gbẹ́ òkè ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wọlé, kí ojú ibi tí mo gé ga ní mítà 5, kó dúró gbọọrọ bí ògiri, kó lè rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Oṣù Èrèlé la gé sáńpù. Láàbù àkọ́kọ́ ṣe ìdánwò UU, wọ́n ní c, ìyẹn ìdìmọ́ra ilẹ̀, jẹ́ 42 kPa, φ, ìyẹn igun ìfarakínra wóró rẹ̀, jẹ́ dígírì 14. Láàbù kejì ṣe CU tí wọ́n ti wọn agbára omi inú ilẹ̀, wọ́n ní c' jẹ́ 6 kPa, φ' jẹ́ dígírì 27. Kòtò kan náà, ilẹ̀ pupa kan náà. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Tìkejì ni kó o fi ṣírò, àbúrò mi. Láàbù àkọ́kọ́ ò purọ́, ohun tí o ò bi wọ́n ni wọ́n dáhùn.

Rántí bí ẹ̀rọ tiráyásíà ṣe rí. Ilẹ̀ wà nínú rọ́bà, omi yí rọ́bà ká, omi yẹn la fi ń fún un yíká. Irin kan wá ń tẹ̀ ẹ́ látòkè títí yóò fi já. Fáàfù kan wà nísàlẹ̀ tí omi inú ilẹ̀ lè gbà jáde. Bó bá wà ní ṣíṣí, tí a sì ń tẹ ilẹ̀ náà jẹ́jẹ́ kí omi ráàyè jáde, CD nìyẹn. Bí a bá tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí a tẹ̀ ẹ́ kíákíá, UU ni. CU wà láàárín: a ṣí fáàfù kí ilẹ̀ kọ́kọ́ fún pọ̀, a wá tì í nígbà tí irin bá fẹ́ máa tẹ̀.

Wóró ilẹ̀ ló ń di ara wọn mú, omi kì í di nǹkan kan mú. Tí fáàfù bá wà ní títì, omi á gba lára ẹrù náà rù, ìwọ̀nba tó bá kù ni wóró ń fi di ara wọn mú. Fi èsì kejì rẹ ṣírò. Ká ní ilẹ̀ náà ti fún pọ̀ lábẹ́ 100 kPa. Bí fáàfù bá wà ní ṣíṣí, ẹrù tí irin yóò gbé lé e kó tó já tó 186 kPa. Bí a bá tì í, tí agbára omi gòkè pẹ̀lú 40, 60 ló kù fún wóró, yóò sì já ní 119 kPa. Ẹrù méjì tó jìnnà síra, ṣùgbọ́n c' 6 àti φ' 27 kan náà ló bí méjèèjì. Ìdí rèé tí CU tí a ti wọn agbára omi fi ń fún wa ní ohun kan náà tí CD ń fún wa, láìjókòó ti ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí wọn ò bá wọn omi nínú CU, nọ́ńbà tó jáde kì í ṣe c' àti φ', tó jẹ́ ti wóró nìkan, rárá. Mo ti rí i nínú ìròyìn tí wọ́n kàn kọ "c, φ" sí. Má fi ṣírò òkè.

Ìbéèrè: Ṣebí ìwé sọ pé UU máa ń fún wa ní φ òdo. Níbo ni 14 ti wá?

Ìdáhùn: Inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Nínú ilẹ̀ tí omi kún bámúbámú, bó o bá fi kún ìfúnpá yíká, omi ló máa gbé gbogbo rẹ̀, wóró ò ní mọ̀ ọ́n lára. Bó o fún un ní 100 tàbí 300, ibì kan náà ni yóò ti já, òdo ni φ, agbára tó kù fún ilẹ̀ náà là ń pè ní cu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa Iléṣà ní oṣù Èrèlé ò kún fún omi. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń sún kì, wóró á sún mọ́ra, agbára ilẹ̀ á sì máa gòkè bí ìfúnpá ṣe ń gòkè. Ìdagun ìlà tí wọ́n fà gba orí àwọn èsì wọn ni wọ́n pè ní 14.

42 yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ìwọ̀nba omi tó wà nínú ilẹ̀ gbígbẹ máa ń fa wóró mọ́ra bí ẹni pé oje ni. Ògiri alámọ̀ ilé àwọn bàbá wa ń fi ọdún púpọ̀ dúró. Jẹ́ kí atẹ́gùn ṣí páànù lórí rẹ̀, kí òjò méjì mẹ́ta lù ú, wàá rí i tó ń ya lulẹ̀. Amọ̀ ò yí padà. Ìfàmọ́ra yẹn ló lọ.

Wo ohun tí èyí ń ṣe sí gbígbẹ́ rẹ. Gíga tí ògiri ilẹ̀ lè dé kó tó ya ni:

```
H = (4c/γ) · tan(45° + φ/2)
```

Ká fi 18 kN/m³ ṣe γ, ìyẹn ìwúwo ilẹ̀ náà. Pẹ̀lú 42 àti 14, H fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 12, mítà 5 á dà bí eré ọmọdé. Pẹ̀lú 6 àti 27, mítà 2.2 péré ni, láìtíì ka omi tí yóò máa sun látinú òkè kún un.

Ìbéèrè: Ṣé UU ti di ohun àsọnù nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ó ní ibi tirẹ̀. Ká ní iyẹ̀pẹ̀ lo fẹ́ kó dà sórí àkùrọ̀ kan lọ́nà Ifẹ̀ kí ọ̀nà lè gba orí rẹ̀ kọjá. Amọ̀ abẹ́ ibẹ̀ kún fún omi, omi ò sì ní ráàyè jáde láàárín ọ̀sẹ̀ tí tipa fi ń já iyẹ̀pẹ̀. Ọjọ́ tó léwu jù ni ọjọ́ tó o parí ìdà náà. Lẹ́yìn rẹ̀, omi á máa jáde díẹ̀díẹ̀, amọ̀ á máa le sí i. cu tí UU fún ọ ló yẹ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 20 kPa, amọ̀ náà á gbé tó 5.14 × 20, ìyẹn 103 kPa. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá wúwo tó 19 kN/m³, ní nǹkan bí mítà 5.4 ni abẹ́ rẹ̀ á ya. Pín in sí 1.5 kí ọkàn rẹ balẹ̀, má ju mítà 3.6 lọ.

Gbígbẹ́ ni òdìkejì rẹ̀. Bó o bá ṣí ẹrù kúrò lórí ilẹ̀, ńṣe ló máa ń fa omi wọlé, ọjọ́ tó o parí iṣẹ́ ló lágbára jù. Oníbàárà rẹ á fọwọ́ gbá ògiri náà, á ní ó le bí òkúta. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Jẹ́ kó di oṣù Òwéwe.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá 6 àti 27 yẹn ṣe é gbára lé?

Ìdáhùn: Béèrè B lọ́wọ́ láàbù. Ṣáájú títẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi kún sáńpù náà, kí wọ́n ti fáàfù, kí wọ́n fi kún ìfúnpá yíká, kí wọ́n wo ìdá tó hàn nínú omi rẹ̀. Ìdá yẹn ni B, tí Skempton gbé kalẹ̀ ní 1954. Bí kò bá tó 0.95, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀, agbára omi tí wọ́n kọ sílẹ̀ á kéré ju ti ilẹ̀ tó kún lọ.

Lẹ́yìn náà, wo ìfúnpá tí wọ́n lò. Bó bá jẹ́ 100, 200 àti 400, wọ́n kàn fa ìlà padà sẹ́yìn títí ó fi kan 6 ni. Níbi mítà 5, ẹrù tó wà lórí ilẹ̀ níbi tó jìn jù ò ju 90 kPa lọ. Ní kí wọ́n tún un ṣe ní 25, 50 àti 100. Bí c' bá sún mọ́ òdo nígbà yẹn, má bá wọn jà.

Ohun kan wà tí láàbù kankan ò lè rí bá ọ. Ní apá ibi tó jẹ́ pé òkúta onípele tó kún fún máíkà ló jẹrà di ilẹ̀ ní Iléṣà, ojú ìpele àtijọ́ ṣì máa ń wà nínú ilẹ̀ pupa náà, ó sì máa ń yọ̀. Sáńpù tí kò fẹ̀ ju mílímítà 38 lọ lè máà gé e kọjá. Kí o tó fọwọ́ sí nǹkan kan, gbẹ́ kòtò kan, fi ọbẹ ha ara rẹ̀, wo ìhà tí àwọn ìlà dídán yẹn kọ sí. Bí wọ́n bá dagun sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí ọkọ̀ máa wà, sọ fún oníbàárà rẹ pé ògiri kọnkéré tó ní ihò omi ló máa san owó rẹ̀, tàbí kó wá ibòmíràn gbé ọkọ̀ sí.