Victoria Street Èkó, níbo ló wà lónìí?

Ìbéèrè: Ìwé ilẹ̀ bàbá bàbá mi, tí wọ́n kọ lọ́dún 1938, sọ pé Victoria Street, Èkó, ni ilé wọn wà. Fóònù mi ò mọ ọ̀nà yẹn, wọ́n sì ti wó ilé náà tipẹ́. Báwo ni mo ṣe lè rí ibi tó wà gan-an?

Ìdáhùn: Nnamdi Azikiwe Street ni wọ́n ń pè é báyìí, ọ̀nà tó ti Tinúubú lọ sí Ìdúmọ̀tà. Nọ́ńbà ilé ló ṣòro. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà inú ìwé yẹn, nítorí bí ẹnì kan bá ra ojúlé mẹ́ta, tó wó wọn, tó fi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, nọ́ńbà lè yí padà.

Máàpù tó sún mọ́ 1938 ni kí ẹ wá. Èyí tí Lawson yà lọ́dún 1885 lókìkí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún ilé yín. Ẹ béèrè ní ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ti London tó wà ní Kew náà ní máàpù Èkó àtijọ́.

Tí ẹ bá ti rí i, ẹ wá oríta méjì tí kò tíì kúrò nípò, kí ilé yín wà láàárín wọn. Ká ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ló wà láàárín oríta méjèèjì lórí máàpù, tí ilé sì wà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí èyí àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ mítà 240 ni ọ̀nà náà gùn lónìí, ilé yín á wà ní nǹkan bí mítà 90 sí oríta yẹn.

Ẹ má ṣe fi etí omi Marina wọn ohunkóhun o. Wọ́n ti kó ilẹ̀ dà sómi níbẹ̀, etí omi ti sún síwájú. Mọ́ṣáláṣí Gbogbogbòò tó wà lójú ọ̀nà yẹn náà lè ṣini lọ́nà: ojú ibi kan náà ni, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1988 kì í ṣe ilé ti àtijọ́, nítorí náà igun rẹ̀ ò bá ti máàpù yín mu.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wà nínú ìwé ilẹ̀ fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ ààlà: ta ló wà lápá àríwá, ta ló wà lápá gúúsù. Ẹ wá ìwé àwọn aládùúgbò wọ̀nyẹn ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀. Bí ojúlé ẹnì kan nínú wọn bá ṣì dúró, ẹ ti rí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ yín nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé àárín àwọn ilé ẹ̀yìn ọ̀nà ni ilé náà wà, ẹ wo ìwé ìròyìn ìjọba ti ọdún 1955 síwájú. Ìgbà yẹn ni LEDB, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìlú Èkó nígbà náà, gba ilẹ̀ láàárín Èkó, tí wọ́n wó ilé, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí Sùúrùlérè.