Dọ́là méjì kọ́ ni iye kúlà yẹn

Ẹ bi ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kó ọjà díẹ̀díẹ̀ wọlé láti Ṣáínà pé èló ni ọjà wọn dúró lé wọn lórí, iye tó wà lórí ìnfọ́ìsì ni wọ́n máa sọ. "Dọ́là méjì ni mo rà á." Owó ọkọ̀ òkun, díútì, owó ejẹ́ntì àti ti tírélà, ìnáwó lásán ni wọ́n kà wọ́n sí, èrè ni yóò san wọ́n tó bá yá. Àwọn tó já sí i díẹ̀ a máa ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á wo ìlọ́po mélòó tó jẹ́ sí owó tí wọ́n fi rajà, wọ́n á wá fi ìlọ́po kan náà lu gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀nténà. Èyí èkejì ló léwu jù lójú tèmi, nítorí ẹni tó ṣe é gbà pé òun ti ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ká ní oníṣòwò kan ní Bàlógùn ra kúlà oníke 2,000 ní dọ́là méjì-méjì, ó sì ra áyọ́ọ̀nù oníná 1,000 ní dọ́là mẹ́fà-mẹ́fà. Dọ́là 10,000 lápapọ̀ nìyẹn. Bí dọ́là kan bá jẹ́ ₦1,500, mílíọ̀nù 15 náírà ló fi rajà: kúlà kan ₦3,000, áyọ́ọ̀nù kan ₦9,000. Ó kó méjèèjì sínú kọ̀nténà kékeré, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20. Owó ọkọ̀ òkun àti ti adójútòfò jẹ́ dọ́là 2,500, ìyẹn ₦3,750,000.

Díútì ló kọ́kọ́ ṣì í lọ́nà. Wọ́n ti sọ fún un pé 20% ni wọ́n ń gbà lórí irú ọjà rẹ̀, ló bá fi lu mílíọ̀nù 15, ó sì ya mílíọ̀nù 3 sọ́tọ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù kì í ṣe é báyẹn. Owó ọjà, owó ọkọ̀ òkun àti ti adójútòfò ni wọ́n máa ń rò pọ̀, tí wọ́n ń kọ CIF sí lórí ìwé, orí àpapọ̀ yẹn sì ni wọ́n ti ń yọ díútì. Níbí, àpapọ̀ náà jẹ́ ₦18,750,000, díútì rẹ̀ sì jẹ́ ₦3,750,000. Kò tíì parí o. Wọ́n á tún gba 7% díútì náà, wọ́n á gba 0.5% CIF fún ECOWAS, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, díútì tòun ti àwọn owó yìí, kí wọ́n tó yọ fáàtì 7.5% lórí rẹ̀. Owó orí lórí owó orí. Tí a bá fi àwọn owó kéékèèké tó kù kún un, tí ìjọba sì máa ń yí padà, ẹ jẹ́ ká fi í sí mílíọ̀nù 6. Ìlọ́po méjì ohun tó yà sọ́tọ̀ nìyẹn.

(Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún fáàtì, tó ń gbà á lọ́wọ́ oníbàárà tó sì ń san án fún ìjọba, lè yọ èyí tó san ní pọ́ọ̀tù kúrò nínú èyí tó jẹ. Kò yẹ kó kà á mọ́ iye ọjà rẹ̀. Oníṣòwò wa ò forúkọ sílẹ̀, nítorí náà orí ọjà ni gbogbo rẹ̀ dúró sí.)

Owó ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, owó tẹ́mínà, iṣẹ́ ejẹ́ntì àti tírélà láti Àpápá dé ìsọ̀, ká ní ó jẹ́ ₦2,500,000. Gbogbo owó tó jáde lápò rẹ̀ wá di ₦27,250,000.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe jù la dé yìí. Oníṣòwò wa pín ₦27,250,000 sí mílíọ̀nù 15, ó rí i pé ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po 1.8. Ó fi lu ₦3,000, kúlà di ₦5,450. Ó fi lu ₦9,000, áyọ́ọ̀nù di ₦16,350. Ló bá ń ta kúlà ní ₦6,500, ọjà ń yá bí ẹni pé wọ́n ń pín in, ó sì gbà pé òun ń jẹ èrè ₦1,050 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Áyọ́ọ̀nù dúró sílẹ̀, nítorí ₦15,500 ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní ìsọ̀ kejì, kò sì fẹ́ tà lófò.

Ohun tó gbàgbé ni pé ọkọ̀ òkun ò bèèrè iye tí ẹrù ẹ jẹ́. Àyè tó gbà ló ń san owó fún. Kúlà gba kúbíìkì mítà 20 nínú kọ̀nténà yẹn, áyọ́ọ̀nù gba 5 péré. Owó ọkọ̀ òkun àti owó tó san láti pọ́ọ̀tù dé ìsọ̀ jẹ́ ₦6,250,000, ìyẹn ₦250,000 fún kúbíìkì mítà kan. Kúlà yóò ru mílíọ̀nù 5 nínú rẹ̀, ₦2,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Áyọ́ọ̀nù yóò ru èyí tó kù, ₦1,250 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Owó kọ́sítọ́ọ̀mù ò tẹ̀ lé àyè ní tirẹ̀, CIF ló ń tẹ̀ lé. Bí ìwé tí wọ́n fi dá owó lé yín bá kọ ọjà kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀, iye tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ lò, pàápàá bí díútì ọjà kan bá yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí kò bá sí bẹ́ẹ̀, ẹ fi owó ọkọ̀ òkun kún owó ọjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá pín mílíọ̀nù 6 náà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí. Ní tiwa, kúlà jẹ́ mílíọ̀nù 9, áyọ́ọ̀nù jẹ́ ₦9,750,000. Ohun tó kan kúlà kan jẹ́ ₦1,440, ti áyọ́ọ̀nù jẹ́ ₦3,120.

Ẹ wá ro ó pọ̀. Kúlà: 3,000, 2,500 àti 1,440, ó di ₦6,940. Áyọ́ọ̀nù: 9,000, 1,250 àti 3,120, ó di ₦13,370. Kúlà tó ń yá ní ₦6,500 ń mú ₦440 lọ lápò rẹ̀ nígbàkígbà tó bá tà á. Áyọ́ọ̀nù tó kọ̀ láti tà ní ₦15,500 ìbá fi èrè tó ju ₦2,000 sílẹ̀ fún un. Ohun tó burú jù ni pé kúlà ló máa sáré lọ rà sí i.

Kúlà 40 sì fọ́ lójú ọ̀nà. Àwọn 1,960 tó ṣeé tà ni yóò ru ẹrù gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wá di nǹkan bíi ₦7,080. Ti dẹ́múréèjì yàtọ̀. Bí kọ̀nténà bá pẹ́ ní pọ́ọ̀tù nítorí pé ìwé ò pé, èmi kì í fi owó ìyẹn kún iye ọjà. Àdánù ni, mo máa ń kọ ọ́ sọ́tọ̀, kó má baà mú kí ọjà dà bí ohun tó wọ́n nígbà tí mo bá fẹ́ ra òmíràn.

Kí ẹ tó sanwó ọjà ni kí ẹ ti ṣe ìṣirò yìí. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi ìwọ̀n páálí ránṣẹ́ àti iye tó wà nínú rẹ̀. Páálí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 50, tó ga ní 40, ẹ fi wọ́n lu ara wọn, kí ẹ pín in sí mílíọ̀nù kan: kúbíìkì mítà 0.12 ni. Bí kúlà 12 bá wà nínú rẹ̀, 0.01 kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ₦2,500 yẹn ti wá. Ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ní èyí tí kékeré ń wọnú ńlá, mẹ́ta-mẹ́ta. Wọ́n lè tà á wọ́n díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ àyè ẹyọ kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò gbà.