Ọ̀sà Èkó Ni Ká Ti Máa Bẹ̀rẹ̀ Ìtàn Rialísíìmù

Erékùṣù Melos, ọdún 416 ṣáájú ìbí Jésù, ni àwọn olùkọ́ máa ń gbé ìpilẹ̀ṣẹ̀ rialísíìmù lọ, èrò pé agbára ló ń darí bí orílẹ̀-èdè ṣe ń bára wọn lò. Àwọn ará Áténì kó ọkọ̀ ogun débẹ̀, wọ́n ní kí ìlú náà wá sìn wọ́n. Melos ní òdodo wà lọ́wọ́ àwọn. Áténì dá wọn lóhùn pé àwọn tí agbára wọn bá dọ́gba nìkan ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ òdodo. Wọ́n dó ti ìlú náà. Nígbà tó túúbá, wọ́n pa àwọn ọkùnrin, wọ́n kó obìnrin àtọmọdé lẹ́rú. Òpìtàn Gíríìkì, Thucydides, ló kọ ọ́ sílẹ̀. Lójú tèmi, èrò náà kò dúró lórí ìwé rẹ̀. Ìlú yòówù tó bá wa yàrà yí ara rẹ̀ ká, bíi ti Èrèdò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ti mọ̀ pé kò sí ọba lórí gbogbo ọba tó máa gba òun lọ́wọ́ aládùúgbò.

Ìtàn líbérálísíìmù, èrò pé àdéhùn, òwò àti ẹgbẹ́ lè mú àlàáfíà wá láàárín orílẹ̀-èdè, kò gùn. Lọ́dún 1795, onímọ̀ ọgbọ́n orí Kant ní àwọn ìlú tí aráàlú bá ń darí, tí wọ́n sì para pọ̀ di ẹgbẹ́, kò ní máa bára wọn jà. Woodrow Wilson, ààrẹ Amẹ́ríkà, fi èrò yìí dá Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ogun 1939 fọ́ ọ.

Ẹ wá wo Èkó. Ọba Kòsọ́kọ́ kọ̀, kò bá Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn lórí òwò ẹrú. Ní Oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun wọn yìnbọn sí ìlú títí ó fi sá, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852, Akítóyè tọwọ́ bọ̀wé: kò sí òwò ẹrú mọ́, òwò ṣí sílẹ̀, a ó dáàbò bo àwọn míṣọ́nárì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbèjà líbérálísíìmù yóò ní àdéhùn àti òwò epo pupa ti so ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀ nìyẹn. Àmọ́ lọ́dún 1861, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Prometheus, wà nínú ọ̀sà, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, pé bí kò bá fi Èkó sílẹ̀, wọn yóò yìnbọn. Ní ọjọ́ kẹfà Oṣù Kẹjọ, ó tọwọ́ bọ̀wé pé òun fi Èkó sílẹ̀. Àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dún ni wọ́n ṣèlérí fún un. Ta ni Dòsùnmú ìbá pe ẹjọ́ sí?

Ìbéèrè líbérálì tó le jù ni pé: kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń náwó ọkọ̀ ogun láti dá òwò ẹrú dúró, nígbà tí kò fi kún agbára rẹ̀? Òótọ́ ni pé rialísíìmù kì í wo inú ilé, kò rí àwọn míṣọ́nárì àtàwọn oníṣòwò tó ń tì ìjọba lẹ́yìn. Láti ìgbà tí onímọ̀ rialísíìmù Carr ti kọ̀wé ní 1939, títí dé Waltz, onírialísíìmù bíi tirẹ̀, ní 1979 àti Keohane, tó ń gbè lẹ́yìn líbérálì, ní 1984, ibẹ̀ ni wọ́n ṣì ń jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwé tí Lord Russell, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní Oṣù Kẹfà 1861 ka ìdí mẹ́ta fún gbígba Èkó: dídá òwò ẹrú dúró, ìtẹ̀síwájú òwò tó bófin mu, àti dídá ọba Dàhọ̀mì lẹ́kun. Dídá ọba mìíràn lẹ́kun, ọ̀rọ̀ agbára gan-an nìyẹn.