Yúsánéèmù àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò lò lórí Roblox

Níbi tí wọ́n ti ń ṣí àkáǹtì Roblox, ìkànnì tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìkìlọ̀ kékeré kan wà nínú àpótí tí wọ́n ń kọ yúsánéèmù sí: "Don't use your real name". Wọ́n ní kí ọmọ má lo orúkọ rẹ̀ gan-an. Àmọ́ bí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà sínú àpótí náà, ìkìlọ̀ ọ̀hún pòórá, ọ̀pọ̀ òbí ni kò sì rí i rárá.

Ojú ìwé kan náà ń béèrè ọjọ́ ìbí. Ìyẹn yàtọ̀, òótọ́ ni kí wọ́n kọ síbẹ̀, torí ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà mọ̀ pé ọmọdé ni, kí àbójútó òbí lè bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Àwọn tó ń bá a ṣeré kì í rí ọjọ́ ìbí yẹn. Yúsánéèmù ni gbogbo wọn ń rí.

Ká mú ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí lọ́dún 2016, tó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí fóònù. Ó ní Taiwo lòun fẹ́. Ẹlòmíì ti mú un. Ó fi ilé tó wà nínú eré ìdárayá ilé ìwé wọn kún un, ó di TaiwoBlueHouse. Ká ní ẹlòmíì ti mú ìyẹn náà, ó fi ọdún tí wọ́n bí i parí rẹ̀: TaiwoBlueHouse2016. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 18 ni, Roblox sì ń gba láti 3 títí dé 20, nítorí náà yóò wọlé wẹ́rẹ́.

Ẹ wo ohun tí àjèjì rí kà níbẹ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n bí i. Ilé ìwé rẹ̀ ní ilé aláwọ̀ búlúù. Èyí tó burú jù ni pé Táíwò ni. Orúkọ amútọ̀runwá kì í dákẹ́. Ẹni tí kò mọ ọmọ náà rí lè kọ ọ́ sí i pé, "Kẹ́hìndé ńkọ́?", ọmọ á sì gbà pé ará ilé ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìdòwú, Dàda àti Òjó ṣe ń ròyìn ọmọ. Oríkì náà kò sàn jù ú lọ, torí bí ìyá àgbà ṣe ń pe Àjọkẹ́ nílé nìyẹn.

Ọ̀nà tó dáa ni kí ọmọ mú ohun méjì tí kò kan ara rẹ̀, ilé rẹ̀ tàbí ilé ìwé rẹ̀: ẹranko kan àti ohun kan lójú ọ̀run, bí àpẹẹrẹ. Ọmọ tiwa mú ẹtu àti òṣùpá. Kó tó tẹ̀ ẹ́, kí òbí kọ́kọ́ kà á láìsí àmì, torí àpótí náà kò gba àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ọmọ tó fẹ́ kọ ọkọ̀ pupa yóò rí OkoPupa, ẹni tó gbọ́ Yorùbá sì lè kà á sí ohun tí kò ṣeé sọ níwájú àgbà. EtuOsupa kò ní wàhálà yẹn.

Nọ́ńbà ló kù, ibẹ̀ sì ni àṣírí ti ń jò jù. Nígbà tí wọ́n bá ní ẹlòmíì ti mú orúkọ kan, ọdún ìbí, nọ́ńbà ilé tàbí kíláàsì ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí ọmọ lọ́kàn. Kí wọ́n da dáìsì lúdò lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní 5 jáde, lẹ́yìn náà 2, ó di EtuOsupa52. Bí ẹlòmíì bá ti mú ìyẹn náà, kí wọ́n tún un dà.

Ó tọ́ kí wọ́n fara balẹ̀ níbí, torí 1,000 Robux, ìyẹn owó tí wọ́n ń ná nínú Roblox, ni wọ́n ń gbà láti yí yúsánéèmù padà, owó gidi ni wọ́n sì fi ń ra Robux. Èyí tó tiẹ̀ dunni jù ni pé orúkọ àtijọ́ kì í parẹ́, ó ṣì lè máa hàn lójú ìwé ọmọ náà pé òun ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé owó kò lè fọ Táíwò àti Blue House kúrò tán.

Lẹ́yìn tí orúkọ bá ti wọlé, àpótí míì wà nínú ètò àkáǹtì tí wọ́n ń pè ní "Display Name". Ọ̀fẹ́ ni yíyí tirẹ̀, wọ́n sì lè yí i lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ méje. Ibẹ̀ ni ọmọ sábà máa ń padà lọ kọ Taiwo sí, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì lè dá a mọ̀, òun náà ló sì máa ń hàn lókè orí àwòrán èèyàn tó ń fi ṣeré. Kí òbí máa ṣí ibẹ̀ wò lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ti àwọn ọmọ kíláàsì, ó lè fi ẹnu sọ EtuOsupa52 fún wọn ní ilé ìwé.